Mo Di Apá Adìyẹ bí Ẹni Di Obì

Ìdì ewé kan ti di ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ náírà ní Sábó. Mo ń bú ẹni tó ń tà á, mo sì ń rà á, torí obì tí atẹ́gùn bá ti ráyè fẹ́ sí, ó gbẹ nìyẹn. Kí n tẹ́ ewé sínú agbọ̀n, kí n to obì, kí n fún un mọ́ra gírígírí: iṣẹ́ tí mo mọ̀ nìyẹn.

Ìyàwó ọmọ mi wá kó gbogbo owó àjọ rẹ̀ lé air fryer, ẹ̀rọ tó ń dín ẹran láìsí òróró. Ọkọ rẹ̀ ní tí kò bá mú owó wọlé lóṣù yẹn, títà ni òun máa tà á. Olùkọ́ yunifásítì kan, obìnrin tí kì í fẹ́ òróró, ló ṣèlérí pé òun máa wá tọ́ apá adìyẹ rẹ̀ wò. Tó bá dùn, á ra ti ìpàdé wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí olùkọ́ náà máa wá, ìyàwó fẹ́ sáré lọ ra ike tó máa bu adìyẹ sí.

“Màámi, mo ti gbé e sí igba dígírì, ogún ìṣẹ́jú. Ẹ bá mi to apá adìyẹ díẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Tó bá dé ìdajì, ẹ fà á yọ, kí ẹ mì ín.”

“Kí n mì ín? Ṣé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Mo to gbogbo rẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì, mo tún fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ta ló ń mì í?

Nígbà tó dé, tó fa apẹ̀rẹ̀ yọ, ti òkè pọ́n díẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ funfun, awọ rẹ̀ ń yọ̀, bí ẹni tí òjò pa.

“Ẹ ti sè é, Màámi!”

“N ò bu omi sí i o!”

“Omi ara rẹ̀ ni. Atẹ́gùn gbígbóná ló ń dín in, ẹ ò jẹ́ kó rí ọ̀nà kọjá.”

Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀.

“Bí obì ni mo ṣe dì í,” ni mo wí.

Ó wò mí, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú omijé.

A da omi inú rẹ̀ nù, a fi bébà nu apá kọ̀ọ̀kan gbẹ. A to ìwọ̀nba, ìkan ò kan ìkan, a dá a padà sí igba dígírì. Nígbà tó yá, èmi fúnra mi fà á yọ, mo mì ín jìgìjìgì; èyí tó dojú bolẹ̀ yíjú sókè. Ìgbà tí a tún fà á yọ, ó ti pọ́n, ó ń dún kọ́kọ́kọ́ nínú apẹ̀rẹ̀.

Èyí tó kù ṣì wà nínú ẹ̀rọ nígbà tí olùkọ́ náà dé. Ó gé ọ̀kan jẹ, ó dún lẹ́nu rẹ̀ débi tí èmi náà gbọ́ ọ.

“Ẹ̀yin lẹ ṣe é, Mà?”

“Ìyàwó mi ni. Èmi fẹ́ bà á jẹ́ ni, Ọlọ́run ò gbà.”

Ike mẹ́wàá ló ní kí ìyàwó gbé wá sípàdé. Lọ́jọ́ ìpàdé náà, díẹ̀díẹ̀ la dín in láti àárọ̀, èmi ni mo ń mì. Nígbà tí ìyàwó yọ owó adìyẹ, ata àti epo jẹnẹrétọ̀ tán nínú owó tí wọ́n san, ó gbé èyí tó kù síwájú ọkọ rẹ̀: ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ààbọ̀ náírà.