Ṣéńjóófà Tí Àyànníyì Ò Tíì Fi Sí

Bí ẹ bá dé Mafoluku tí ẹ ń béèrè Àyànníyì oníwáyà, wọ́n lè má mọ ẹni tí ẹ ń wí. Ẹ ní Bàbá Ṣéńjóófà lẹ̀ ń wá, ọmọdé á mú yín délé. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi orúkọ yẹn ṣe níbẹ̀rẹ̀, nítorí ọkùnrin náà kì í bá èèyàn so jẹnẹrétọ̀ mọ́ ilé láìsí ṣéńjóófà. Onílé á ní kó kàn ki wáyà jẹnẹrétọ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tilé kejì. Àyànníyì á ká irinṣẹ́ rẹ̀, á ní, "Ẹ lọ pe ẹni tó ṣe tilé kejì." Ìwó ló ti wá, ọdún kẹtàlélógún rẹ̀ rèé l'Ékòó, yàrá méjì ló háyà, agídí rẹ̀ ò sì dín kù rí.

Ó ní bó ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fáwọn ayálégbé. Á di ọwọ́ ṣéńjóófà mú, á ní: "Ẹ wò ó. Bó bá wà lókè, iná ìjọba ló ń wọlé. Bó bá wà nísàlẹ̀, iná jẹnẹrétọ̀ ni. Bó bá wà láàárín, kò sí èyí tó ń wọlé. Kò lè di méjèèjì mú pọ̀ láé, ìdí tí wọ́n fi ṣe é nìyẹn. Láìsí i, iná jẹnẹrétọ̀ yín á gba inú mítà jáde, á gun wáyà òpó, á padà lọ bá tiransifọ́mà. Tiransifọ́mà ò mọ ojúde yàtọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé. Iná ńlá ló ń gbà lókè tó ń sọ di kékeré fún wa. Bí ẹ bá gba ẹ̀yìn fún un ní kékeré, á sọ ọ́ di ńlá padà, ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá fóólítì, lé ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lórí."

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ yẹn, kì í ṣe àjèjì lọ́kàn Àyànníyì. Teslim àbúrò rẹ̀ ni, ọmọ ìyá rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Teslim nígbà tí ìyá wọn kú. Àyànníyì ló mú un wá s'Ékòó, tó rán an níléèwé, tó kọ́ ọ níṣẹ́ iná. Ní báyìí Teslim ti pé ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, ó ti fẹ́ Àjọkẹ́, ó ti bí méjì, Nafeesah ni àgbà, ó sì ń bá kọngílá kan ṣiṣẹ́, wọ́n ń tún tiransifọ́mà ṣe káàkiri Òṣòdì àti Ìsọlọ̀. Gbogbo ṣéńjóófà tí ẹ̀gbọ́n yìí fi sí ilé àwọn ará Mafoluku, orí Teslim ló fi ń ṣọ́.

Kò tán síbẹ̀. Ó tún ti kọ́ gbogbo àdúgbò pé bí iná ìjọba bá ti lọ, kí wọ́n yí ọwọ́ ṣéńjóófà kúrò lókè, kí iná má bàa fi agbára dé kó ba fíríìjì jẹ́. Wọ́n sì gbọ́ràn. Bí iná bá lọ ní àdúgbò yẹn, kò sí ilé tó kù lórí wáyà ìjọba, bí ẹni pé wọ́n fi àṣẹ lé e.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni iná lọ tí kò dé mọ́, wọ́n ní tiransifọ́mà ló bàjẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni ṣéńjóófà Àlàájà Fàósátù jóná. Àlàájà ló ni ilé yìnyín ẹja tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiransifọ́mà gan-an, jẹnẹrétọ̀ ńlá tó ń mu dísẹ́ẹ̀lì ló ń lò. Àyànníyì tú ṣéńjóófà náà wò, inú rẹ̀ ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Irú rẹ̀ ò sí nítòsí, ó di ọjà Àlàbà.

"Ọ̀gá Àyàn, ẹja mi á bàjẹ́ kílẹ̀ tó mọ́," Àlàájà ní. "Owó ẹgbẹ́ ni mo fi rà á. Ẹ dákun."

Àánú ṣe é. Ohun tí kò ṣe rí láti ọdún mẹ́tàlélógún, ó ṣe é: ó fo ṣéńjóófà náà dá, ó so wáyà jẹnẹrétọ̀ tààrà mọ́ wáyà ilé. Ó wá yọ fíúsì tó ń gba iná ìjọba wọlé, ó fi lé Àlàájà lọ́wọ́. "Kí èyí má wọlé nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Mo ń bọ̀ lọ́tunla wá fi tuntun sí i." Àlàájà dúpẹ́ títí.

Ó ra tuntun náà lọ́jọ́rú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ilé tuntun kan yọjú ní Àgọ́ Palace, onílé ń kánjú, Ọjọ́bọ̀ sì kọjá lọ bẹ́ẹ̀. Ṣéńjóófà wà nínú báàgì, báàgì wà léjìká rẹ̀, ó ń gbé e kiri.

Àárọ̀ Jímọ̀, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, fóònù rẹ̀ dún ní Àgọ́ Palace.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ káàárọ̀. Àdúgbò yín ni mo wà o, ìdí tiransifọ́mà." Teslim ni.

"Wọ́n ti rán yín wá? Kí ló ṣe é?"

"Wáyà tó ń gba iná ńlá wọlé lókè ló jóná. Mo ti já fíúsì orí òpó wálẹ̀, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, kò síná. Àpótí fíúsì ìsàlẹ̀, tá a fi ń já wáyà ilé gbogbo kúrò lára rẹ̀, ló kù, wọ́n ti gbàgbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí ọ́fíìsì, pẹ̀lú wáyà tá a fi ń so iṣẹ́ mọ́lẹ̀ kí iná má bàa gbéni. Pamílẹ́rìn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ká padà lọ kó wọn. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, àdúgbò ẹ̀gbọ́n mi ni. Gbogbo ṣéńjóófà yín wà níbẹ̀ bó ṣe yẹ, àbí?"

Ẹ gbọ́ o. Ìbéèrè ọ̀hún nìyẹn, kò le, kò ní ọgbọ́n nínú. "Ó ku ti Àlàájà, lọ mú kọ́kọ́rọ́ wá." Gbólóhùn yẹn ló kù kí Àyànníyì sọ. Ó sì wá sí i lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ó rántí gbogbo oníwáyà tó ti bú ní Mafoluku, ó rántí Teslim fúnra rẹ̀, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé kúrò níṣẹ́ nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ nítorí irú ìsokúso bẹ́ẹ̀. Ojú tì í. Ó ní òun á sáré wá fi í sí kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

"Wọ́n wà níbẹ̀," ó ní. "Ṣáà rọra."

Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ikú ta ni? Ẹni tó pa òwe yẹn, ikú ara rẹ̀ ló ń wí, kì í ṣe ikú ọmọ ìyá ẹni.

Ó padà sídìí iṣẹ́. Ó ń fi dá ara rẹ̀ lọ́kàn le pé Àlàájà á ti yọ fíúsì, ó ti ń yọ ọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta. Kò lè de síkúrúù kan tán. Ó pe Teslim padà. Fóònù ń dún, kò gbé e, ó ti gun òkè lọ. Àyànníyì já sí títì, ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó ní kó máa lọ sí Mafoluku, iye tó bá fẹ́ ni kó gbà. Inú kẹ̀kẹ́ ló ti pe Àlàájà.

Àlàájà gbé e. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ni Àyànníyì kọ́kọ́ gbọ́.

"Àlàájà, ẹ pa á. Ẹ pa jẹnẹrétọ̀."

"Mi ò gbọ́ yín dáadáa o, Ọ̀gá Àyàn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án ni. Ṣé ẹ ti ń bọ̀?"

"Fíúsì ńkọ́? Ṣé ẹ yọ ọ́?"

"Mo ti dá a padà láàárọ̀, mo rí àwọn oníná tí wọ́n dé, mo ní kó wà níbẹ̀ kí iná bá a. Wọ́n pẹ́, ẹja wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ni mo wá..." Lẹ́yìn ariwo jẹnẹrétọ̀ náà, Àyànníyì gbọ́ ohùn ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n ń pe orúkọ àbúrò rẹ̀.

Bí ilé mélòó kan bá wà lórí wáyà ìjọba lọ́jọ́ yẹn, ẹrù wọn ì bá pọ̀ jù fún jẹnẹrétọ̀ náà, ì bá kú fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé ti yí ọwọ́ ṣéńjóófà wọn kúrò lókè, bí Bàbá Ṣéńjóófà ṣe kọ́ wọn. Ọ̀nà mọ́ láti ilé ẹja dé ibi tí Teslim di wáyà mú.

Ilẹ̀ ni Àyànníyì bá a. Pamílẹ́rìn ń tẹ̀ ẹ́ láyà, òógùn bò ó, kò fẹ́ dáwọ́ dúró. Ọsibítù ní ẹ̀pa ò bóró mọ́. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀, bí ẹ̀sìn ṣe wí.

Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò lọ fọ́ ilé ẹja. Wọ́n da ẹja sójú títì, wọ́n ń pe Àlàájà ní apààyàn. Obìnrin náà ń sunkún, ó ń wí pé Ọ̀gá Àyàn ló so ó bẹ́ẹ̀ fóun. Wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Bàbá Ṣéńjóófà? Kó lọ wá irọ́ mìíràn pa. Àyànníyì dúró níbẹ̀, ó gbọ́ ọ, kò lè lanu. Orúkọ rere rẹ̀ ló ń gbà á sílẹ̀, ó sì korò lẹ́nu rẹ̀ bí ewúro tí wọn ò fọ̀.

Ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn àdúà, nígbà tí àwọn ààfáà ti lọ, ó wọlé bá Àjọkẹ́ níbi tó jókòó sí lórí ẹní. Àjọkẹ́ ò tíì sunkún láti ọjọ́ Jímọ̀. Àwọn obìnrin ilé ti ń bẹ̀rù fún un.

"Ìyá Nafeesah," ó ní, "Àlàájà ò purọ́. Èmi ni mo so ó. Teslim pè mí láti ìdí tiransifọ́mà, ó bi mí bóyá gbogbo rẹ̀ wà bó ṣe yẹ, mo ní ó wà. Èmi ni mo pa á."

Àjọkẹ́ ò gbójú sókè.

"Pamílẹ́rìn ti sọ fún mi pé ó pè yín. Mo ń retí yín ni. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún un?"

"Ojú ló tì mí."

"Lójú Teslim?" Ó yíjú sí i wàyí. "Ká ní ẹ sọ fún un, Bọ̀ọ̀dá, ṣé ó máa bú yín ni?"

"Kò lè bú mi."

"Kí ló máa ṣe?"

"Á fi mí rẹ́rìn-ín," ó ní. "Á sì lọ mú kọ́kọ́rọ́ wá."

Ìgbà náà ni Àjọkẹ́ bú sẹ́kún.