Omi Òjò Nínú Ìwé Dókítà

Inú ń bí mi lọ́jọ́ náà, n kò ní purọ́. Láti àárọ̀ ni obìnrin kan láti Goro ti ń sunkún ní ilé-ìwòsàn wa ní Tchaourou, níbi tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Ó fẹ́ kí a gbé àbúrò rẹ̀, àgbẹ̀ kajú, lọ sí ilé-ìwòsàn ọpọlọ ní Parakou, bí ó fẹ́ bí ó kọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkùnrin náà ti dùbúlẹ̀ sáàárín títì tí àwọn kámíọ̀ akẹ́rù ń gbà. Ní tèmi, ọ̀rọ̀ ti parí. Mo kọ ìwé náà wàràwàrà: ó léwu fún gbogbo ènìyàn, kì í mu omi, orí rẹ̀ ti dàrú.

Dókítà wa, obìnrin tí kì í kánjú bí ilé tilẹ̀ ń jó, kà á.

“Ta ló lù?”

“Kò lu ẹnikẹ́ni, Dókítà.”

Ó fa igi lé “ó léwu fún gbogbo ènìyàn”. “A fẹ́ tilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn, o wá ń kọ ohun tí o kò rí?”

Ojú tì mí. Ó lọ jókòó ti ọkùnrin náà, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú wá, lórí ẹní. Wọ́n sọ̀rọ̀ kajú, ìdáhùn rẹ̀ sì já gaara. Dókítà ń pè é ní tonton, òun náà ń pe Dókítà ní tata, bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ènìyàn lọ́dọ̀ wa.

“Tonton, bí kámíọ̀ bá tẹ ewúrẹ́ ńkọ́?”

“Á kú, tata.”

“Bó bá tẹ ẹ̀yin ńkọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Kámíọ̀ mọ̀ mí.”

Dókítà kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Ó ní orí rẹ̀ pé sí nǹkan púpọ̀. Ewu títì àti ìtọ́jú yìí ni kò lè gbé yẹ̀wò, ibẹ̀ nìkan la sì lè ti pinnu fún un.

Ó wá bèèrè ohun tí a ti gbìyànjú. A ti bẹ̀ ẹ́ kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ, ó kọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń ṣọ́ ọ nílé, ó gba ojú fèrèsé jáde. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi gbé oògùn lọ síbẹ̀, ó ń tu ú dànù.

“Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà,” ni Dókítà wí, ó sì ka ìwé náà sí ọkùnrin náà létí ní èdè Nàgó.

“Irọ́ ni,” ọkùnrin náà ní. “Mo ń mu omi. Omi òjò, tí ọwọ́ ènìyàn kò kàn.”

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Òjò ti ṣú. Ó ní kí a gbé abọ́ síta lójú rẹ̀, bóyá yóò fi omi yẹn lo oògùn, kí ó lè padà sílé. Òjò rọ̀. Ó mu omi náà tán, ó fi oògùn sílẹ̀.

Dókítà pa “kì í mu omi” rẹ́. Ó kọ pé òjò tó bá rí tó ń rọ̀ ló ń mu, pé ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ kò fẹ́ lọ, àti pé kí wọ́n tún bi í léèrè lọ́jọ́ tí ó bá ti lè gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀wò. Ó wá fọwọ́ sí i, wọ́n sì gbé ọkùnrin náà lọ sí Parakou. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn títí dòní.

Lẹ́yìn oṣù méjì, ọkùnrin náà wá kí wa, ó ní kí n ka ẹ̀dà ìwé náà tó wà lọ́dọ̀ wa fún òun. Nígbà tí mo dé ibi omi òjò, ó dá mi dúró.

“Ní Parakou, bí òjò bá ti ṣú, wọ́n á gbé abọ́ síta níwájú mi. Ìyẹn ni mo fi gba oògùn wọn nígbẹ̀yìn. N kò mọ ẹni tó sọ fún wọn.”

“Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́, tonton. Dókítà kàn kọ ọ́ ni.”