Ààyè Ìdàgbà Nínú Aṣọ Ọlọ́lá

Nígbà tí ohun gbogbo ní Ayétòrò ṣì jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, kò sí ìyá tó ń ra aṣọ ilé-ìwé fún ọmọ rẹ̀. Ilé ìránṣọ ìlú ló ń rán an, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, kí àwọn ọmọ tó wọlé. Èyí tí wọ́n bá fún ọ lo máa wọ̀ títí ọdún yóò fi yípo. Moríkẹ́ tó ń yan ẹja kò bá ètò náà jà. Ìyá Rèbékà, olórí àwọn aránṣọ, ló ń bá jà, nínú ikùn ni o, torí kò sẹ́ni tó ń bá Ìyá Rèbékà jà lójúkojú.

Ìyá Rèbékà gbà pé ọmọ ń dàgbà níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì máa ń fi ìka mẹ́rin kún ohun gbogbo: èjìká, àyà, gígùn. Lọ́dún tó kọjá, aṣọ tó rán fún Ọlọ́lá, ọmọ Moríkẹ́, fẹ̀ débi pé bí atẹ́gùn òkun bá dé, aṣọ á kọ́kọ́ yà sọ́nà tirẹ̀ kí ọmọ tó bá a lọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Ìgbòkun. Ẹkún ni láràárọ̀. Nígbà tó yá, Ọlọ́lá ní òun ò lọ mọ́, òun á máa bá ìyá òun yan ẹja. Ọ̀rọ̀ yẹn dun Moríkẹ́ wọra. Òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀wé, èéfín ló mọ̀, kò sì fẹ́ kí ọmọ òun jókòó ti èéfín nítorí aṣọ tó fẹ̀.

Ló bá gbìmọ̀ ìkà. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ wọn àwọn ọmọ, bí wọ́n ti ń rìn lórí afárá pákó, ó ń kọ́ Ọlọ́lá.

"Bó bá ti gbé téèpù, fa ikùn wọlé. Tú gbogbo èémí dànù. Rọ èjìká sílẹ̀, kó o káwọ́ jọ bí ẹni òtútù ń mú. Tó bá wá fi ìka mẹ́rin tirẹ̀ kún un, á bá ọ mu wẹ́kú."

"Ìyé, ṣé kì í ṣe irọ́ nìyẹn?"

"Ṣé mo ní kó o sọ̀rọ̀ ni? Mo ní kó o má mí."

Ọlọ́lá sì gbọ́ràn. Ìyá Rèbékà wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n.

"Kí ló ń ṣe ọmọ yìí? Ṣé inú ń run ún ni?"

"Ìtìjú ni, Ìyá," Moríkẹ́ dáhùn, ojú rẹ̀ mọ́ kedere.

Nígbà tí wọ́n pè wọ́n láti wá wọ aṣọ wò, bọ́tìnnì àyà kọ̀, kò wọlé. Orúnkún Ọlọ́lá yọ síta, àti díẹ̀ nínú itan.

"Ìka mẹ́rin dà?" Ó ti bọ́ lẹ́nu Moríkẹ́ kó tó mọ̀.

"Ìka mẹ́rin wo?" Ìyá Rèbékà yí inú aṣọ náà síta. "Mo gbọ́ orúkọ tí wọ́n ń pe ọmọ rẹ, ó sì dùn mí. Lọ́dún yìí, mo rẹ aṣọ sómi kí n tó gé e, kó má baà súnkì. Èjìká ṣe wẹ́kú, torí ibẹ̀ lojú ń kọ́kọ́ bà. Inú ni mo fi ààyè ìdàgbà pamọ́ sí. Wo etí ìsàlẹ̀, mo ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Wo ẹ̀gbẹ́, mo fi aṣọ sílẹ̀. Mo tún ṣẹ́ ẹ po níbi tí bẹ́líìtì máa bò. Bí àwọn ọmọ bá ṣe ń ga, a ó máa tú u. Kí lẹ ṣe fún mi?"

Moríkẹ́ jẹ́wọ́. Àwọn aránṣọ rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rọ fi dúró. Ìyá Rèbékà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ gé òmíràn."

"Aṣọ gbogbo wa ni. Ọmọ ta ni kí n gé tirẹ̀ dín?"

Ó jókòó, ó tú ẹ̀gbẹ́, ó tú ìbàdí, ó tú etí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ó fi aṣọ tútù lé ojú àpá ìṣẹ́po, ó lọ̀ ọ́ títí àpá fi parẹ́. Aṣọ náà wá bá Ọlọ́lá mu bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn. Ọmọ náà yípo, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyé, n ó lọ."

"Ó bá a mu lóòótọ́," Ìyá Rèbékà sọ, "ṣùgbọ́n kò ku ìka kan nínú rẹ̀. Odidi ọdún kan ló wà nínú aṣọ àwọn yòókù. Ìwọ ti jẹ ti ọmọ rẹ tán lónìí. Sọ fún un kó má dàgbà."

Nígbà oúnjẹ ìrọ̀lẹ́, Ọlọ́lá jẹ púpurú tirẹ̀ tán, ó na abọ́.

"Ìyé, ẹ fi kún un."

Moríkẹ́ wo abọ́, ó wo orúnkún ọmọ. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ nìyẹn tó ń gbàdúrà pé kí ọmọ òun ti yó. Bó ti gbọ́ àdúrà náà nínú ara rẹ̀, ojú tì í. Ó bu ìdajì púpurú tirẹ̀ sínú abọ́ náà, ó gbé orí ẹja lé e.

"Jẹun," ó ní. "Kó o ga. Bí aṣọ bá kúrú, orúnkún rẹ ni wọ́n á máa wò níbi tó o ti ń kàwé."