Òrùka Róbà Inú Kẹ́tùlù Ìyá

Ní gbogbo ọdún tí mo fi ń tún nǹkan oníná ṣe ní Tchaourou, ohùn mi ni ènìyàn kọ́kọ́ ń gbọ́ kó tó rí ṣọ́ọ̀bù mi. Kò jìnnà sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Rédíò, áyọ́ọ̀nù, fáànù, kẹ́tùlù, kò sí èyí tí n kì í tú palẹ̀. Bí oníbàárà bá wá sọ pé nǹkan tí mo tún ṣe tún ti bàjẹ́, èsì ti wà lẹ́nu mi kó tó sọ̀rọ̀ tán: ìwọ lo kò mọ̀ ọ́n lò. Nígbà mìíràn òótọ́ ni. Ìgbà tí kì í ṣe òótọ́ pọ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ gbà lọ. Àwọn onízémijàn, àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò tí wọ́n ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ mi, sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́. Bí táyà ọ̀kan nínú wọn bá jò, àwọn yòókù á ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi, kí n wá sọ fún un pé òun ni kò mọ alùpùpù gùn.

Ìyáàlé ìyá mi ló tọ́ mi dàgbà. Ìyá tó bí mi kú nígbà tí mo ṣì ń rá kòrò, ìyáàlé rẹ̀ sì gbé mi pọ̀n, kò jẹ́ kí n mọ̀ pé ọmọ orogún ni mí títí mo fi tójúúbọ́. Òun ni mò ń pè ní Ìyá. Òun náà ń pè mí ní ọkọ mi, bí àwọn obìnrin ilé wa ṣe ń pe ọmọkùnrin ìdílé ọkọ wọn. Nígbà tí bàbá mi kú, ó ní òun kò ní í kúrò nínú ilé rẹ̀, ó sì ń dá gbé ibẹ̀, ìrìn kékeré ni sí ọ̀dọ̀ mi.

Igi ló fi ń dáná láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ. Nígbà tí àgbà dé, èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í bá a níbi àyà. Ọyẹ́ ọdún kan, ikọ́ kò jẹ́ kó sùn rárá, mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì sọ fún mi lójú rẹ̀ pé bí kò bá jìnnà sí èéfín, àyà náà kò ní í san, àti pé lọ́jọ́ kan èémí rẹ̀ lè dá. Ẹ̀rù bà mí. Oúnjẹ kò ṣòro, ìyàwó mi á máa sè é, á sì máa gbé e lọ fún un. Omi gbígbóná ìdájí ló kù, èyí tó fi ń ṣe àlùwàlá kírun, tó sì fi ń po kókó rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa jí gbé ìyẹn fún un lójoojúmọ́.

Ó ṣe, iná mànàmáná dé àdúgbò rẹ̀. Ìbò kan ló ń bọ̀ nígbà náà, wọ́n sì ń sáré ri opó mọ́lẹ̀. Láyé ìjọba àtijọ́, ta ló tó bèèrè ìdí tí iná kò fi dé? Láyé ìbò, àwọn ọ̀gá ń wọ bàtà wá bá wa nínú eruku láti bi wá ní ohun tí a ń fẹ́. Ìyá ní ó dára bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kúkú máa dìbò lọ́dọọdún.

Bí iná ti wọlé rẹ̀, mo lọ ra kẹ́tùlù àlòkù kan fún un ní Parakou. Àwa ń pè é ní bùyúwàà, bí àwọn Faransé ṣe ń pè é. Ike funfun ni, abẹ́ rẹ̀ nínú jẹ́ irin pẹrẹsẹ, wáyà tó ń gbóná sì wà lábẹ́ irin náà. Ọ̀pá kan ni èèyàn ń tẹ̀ sísàlẹ̀ láti tan án. Bí omi bá hó, ọ̀pá náà á ta sókè fúnra rẹ̀. Inú Ìyá dùn débi pé ó ń pe àwọn aládùúgbò wá wò ó. Odidi ọyẹ́ kan kọjá, ikọ́ kò dé mọ́.

Lọ́dún kejì, ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ó ní bùyúwàà náà kì í jẹ́ kí omi hó mọ́. Á kùn díẹ̀, á ta paa, omi á sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ padà, kò ní í dáhùn, àfi bó bá dúró díẹ̀.

Ṣé mo wò ó? N kò wò ó. Mo gbé ohùn sókè sí i níwájú àwọn aládùúgbò. Mo ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ kò mọ̀ ọ́n lò. Ẹ̀ ń gbé e kúrò lórí iná kó tó hó." Ó ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó wọlé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìdérí rẹ̀ wò. Omi kànga ẹ̀rọ tí à ń fà ní àdúgbò yẹn ní ẹfun nínú. Ẹni tó bá ti se omi ibẹ̀ mọ̀ pé ó ń fi nǹkan funfun sílẹ̀ nídìí ìkòkò. Ẹfun náà ti dì mọ́ irin abẹ́ kẹ́tùlù, ó nípọn bí èèpo ẹ̀pà. Bọ́tìnnì kékeré kan wà lábẹ́ irin yẹn tó ń ṣọ́ ooru rẹ̀, kí kẹ́tùlù má baà jó bí ẹnì kan bá tan án láìsí omi. Nísinsìnyí ẹfun ti di aṣọ tí irin náà fi bora: ooru kò rí ọ̀nà wọ inú omi, irin gbóná ju bó ti yẹ lọ, bọ́tìnnì sì rò pé kẹ́tùlù ṣófo, ó pa iná. Ìyá mọ̀ ọ́n lò. Òun gan-an ló ṣàlàyé rẹ̀ bó ṣe rí.

Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ púpọ̀ sínú omi inú kẹ́tùlù náà, mo sè é, mo fi í sílẹ̀ títí ọ̀sán, mo dà á nù, mo fi omi tútù ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta. Irin náà dán. Mo tẹ̀ ẹ́, omi hó yìì. Mo rẹ́rìn-ín, mo yin ara mi, mo gbé e fún un. N kò bẹ̀ ẹ́ fún ọ̀rọ̀ tí mo sọ.

Nǹkan mìíràn tún wà tí n kò ṣe. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í jẹ́ kí ohun tó ń gba omi kúrò ní ṣọ́ọ̀bù láìjẹ́ pé ó bu omi kún un, ó gbé e sórí ìwé gbígbẹ, ó sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan láti mọ̀ bóyá ó ń jò. Fún àwọn oníbàárà, mò ń ṣe é. Ti Ìyá, mo ní ti ilé ni.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ti bi í léèrè, èsì kan náà ni: "Ó ń ṣe dáadáa, ọkọ mi. Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ rẹ." Ọyẹ́ tún dé, ikọ́ rẹ̀ sì dé pẹ̀lú rẹ̀. Mo di ẹ̀bi ru eruku. Mo ra oògùn ikọ́ fún un, kò ṣiṣẹ́. Èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹní ń fẹ́ iná. Nọ́ọ̀sì tún bi mí bóyá ó ń fara kan èéfín. Mo fi gbogbo ẹnu sọ pé rárá, èmi ni mo ra kẹ́tùlù fún un, èmi náà ni mo tún un ṣe.

Ìdájí ọjọ́ kan, mo fẹ́ wọ ọkọ̀ lọ sí Parakou, mo ní kí n kọ́kọ́ kí i. Èéfín ni mo rí lẹ́yìn ilé. Ìyá lóṣòó ti àdògán, ó ń fẹ́ iná, ó ń wúkọ́, ó fi etí ìró bo imú. Mo wọ yàrá. Kẹ́tùlù wà lórí tábìlì, ó ti yọ ọ́ kúrò lára iná, ó ká àkísà sábẹ́ rẹ̀. Àmì funfun róbótó wà lórí pákó tábìlì, níbi tí omi ti ń jò tó sì ń gbẹ.

Mo padà sẹ́yìn ilé. Mo bi í pé láti ìgbà wo.

Ó ní láti ọjọ́ kejì tí mo gbé e wá ni.

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

Ó fi ọ̀pá igi kó ẹyin iná jọ, kò wò mí. Ó ní, "Ọkọ mi, ohùn rẹ máa ń ga. Ó rọ̀ mí lọ́rùn kí n fẹ́ iná."

N kò lọ sí Parakou mọ́. Ojú tì mí, ó sì dùn mí wọ egungun. Obìnrin tó pọ̀n mí dàgbà yan èéfín tó lè pa á, nítorí kó má baà gbọ́ ohùn mi. Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èmi kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo ti jù ú sílẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, mo dọ̀bálẹ̀ nínú eérú. Ó ní kí n dìde, aṣọ mi funfun.

Mo lọ kó irinṣẹ́ wá, mo jókòó sórí ẹní níwájú rẹ̀, mo tú abẹ́ kẹ́tùlù náà. Òrùka róbà kan ló wà láàárín irin àti ike, òun ni kì í jẹ́ kí omi gba etí irin jáde. Ti kẹ́tùlù yìí ti gbó, ó le gan-an. Mo tẹ̀ ẹ́, kò tẹ̀, ó sán. Ó ti pẹ́ tó ti bàjẹ́. Ẹfun ló dí ojú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn. Ìgbà tí mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ yọ ẹfun, mo yọ ohun tó ń dá omi dúró pẹ̀lú. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ti ń ṣiṣẹ́, títí kan ìwé gbígbẹ tí n kò lò. Ó ń mi orí.

Mo ní kẹ́tùlù kan ní ṣọ́ọ̀bù tí ike rẹ̀ ti fọ́ tí òun àti ti Ìyá sì jọ jẹ́ irú kan náà. Mo sáré lọ yọ òrùka ti inú ìyẹn wá, ó ṣì rọ̀, ó ń fà. Mo nu ẹfun tó kù létí irin kúrò, mo fi òrùka náà sí i, mo dè é yípo déédéé. Mo bu omi tútù kún un, mo gbé e sórí ìwé gbígbẹ, àwa méjèèjì sì jókòó tì í. A jẹun àárọ̀, a jẹ́ kí oòrùn mú, a sọ̀rọ̀ nípa bàbá mi. Ìwé náà gbẹ. Mo nu abẹ́ rẹ̀ àti ibi tó ń jókòó sí, mo sì so ó mọ́ iná. Omi hó, ọ̀pá ta sókè, a tún wo ìwé. Ó gbẹ síbẹ̀.

Mo gbé e fún un kó fúnra rẹ̀ bu omi sí i. Ó di ìdérí mú, ó fà á, kò ṣí. Ó tún fà á. Ó wojú mi, ó gbé ojú kúrò, ó tún wò mí.

Ó ní, "Ọkọ mi, ìdérí yìí le jù fún ọwọ́ mi. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti le."

Kẹ́tùlù yìí ti lé lọ́dún kan lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gba ìdérí náà, mo fi fáìlì ha ibi tó ń há, mo dán an wò, mo ha á díẹ̀ sí i títí ìka kan fi lè ṣí i. Mo gbé e padà fún un. Ó ṣí i, ó dé e, ó tún ṣí i.

Lẹ́yìn náà ó ní okùn iná rẹ̀ náà kúrú.