Arẹrù-Àìmọ̀ àti Gbólóhùn Tó Ṣẹ́kù

"Mo ní ta ló ní kóo júwe ilé wọn, Bónà?"

"Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni."

"O ò dárúkọ! Obìnrin tó ń gba àwọn oníṣòwò obì sílé létí títì ní Bantè, mélòó ni wọ́n? Tọ́ka sí ẹlòmíì fún mi níbẹ̀, kí n máa lọ sílé mi."

Bonaventure wolẹ̀. Iwájú ilé ìwòsàn Savalou ni wọ́n dúró sí, lábẹ́ igi máńgòrò, àwọn tó wá gba oògùn sì ti dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ dáadáa. Ìyá kan, ọmọ ẹ̀yà Mahi, tí ò gbọ́ ju ìdajì ọ̀rọ̀ Yorùbá náà lọ, ń fi ìgbúnwọ́ gún ẹnìkejì rẹ̀ pé kó túmọ̀ fún òun.

"Inú ìwé ló wà," Bonaventure ní. "Èmi kàn túmọ̀ rẹ̀ ni."

"Òyìnbó tó kọ ìwé, ṣé ó mọ ibi tí ìyá mi ń dáná sí? Ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Ìdí àrò yẹn lo ti jẹun tóo fi ga tó báyìí!"

Bilkissou, ọmọbìnrin tó ń bá a jà yìí, kì í pè é ní Bónà lásán tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Bónà ni, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ó tú gèlè, ó fi gbàjá, ó kọjá lọ dúró de kámíọ̀ tó ń lọ sí Bantè. Kò wẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ọmọbìnrin náà ò parọ́. Ọmọ Bobè ni Bonaventure, bàbá rẹ̀ ló ń kọ́ àwọn ọmọdé ní katikísìmù níbẹ̀. Nígbà tó tó lọ síléèwé ní Bantè, bàbá rẹ̀ fà á lé Memounatou lọ́wọ́, ìyá Bilkissou. Ẹlẹ́sìn Mùsùlùmí ni ìyá náà, àwọn Bonaventure sì jẹ́ Kátólíìkì, ṣùgbọ́n ta ló ń bèèrè ìyẹn? Èèyàn kì í tán nílé Memounatou. Àwọn oníṣòwò obì tó ń gòkè tó ń sọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń já ẹrù sí, ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn, obìnrin náà á sì bá wọn wá oníbàárà. Ohun tó ń jẹ nìyẹn. Ààrin àwọn àlejò yẹn ni etí ọmọ náà ti là. Kó tó gba sàtífíkà, ó ti ń gbọ́ Haúsá, ó ń gbọ́ Mahi, ó ń gbọ́ Yorùbá àwọn ará Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n gbà á sí ilé ìwòsàn Savalou gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbufọ̀, kò sẹ́ni tó yà lẹ́nu. Faransé kì í bọ́ lẹ́nu dókítà kó kanlẹ̀ kí Bonaventure tó gbé e. Òun náà mọ̀ ọ́n, ó sì máa ń jẹ́ kí àwọn èèyàn mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n.

Lásìkò ọyẹ́ ọdún tó ṣáájú ìjà yìí, àìsàn tó ń mú ọrùn gan dé. Ibà líle, orí fífọ́, ọrùn á le bí igi, kí ilẹ̀ ó tó mọ́ wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀. Dókítà òyìnbó kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ sí Bantè. Wọ́n fún àwọn aláìsàn ní oògùn, wọ́n sì ń wọlé kiri, wọ́n ń fi òwú orí igi tẹ́ẹ́rẹ́ nu ọ̀nà ọ̀fun àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá, kí wọ́n lè mọ ibi tí kòkòrò náà ń gbé. Bonaventure fúnra rẹ̀ ló sọ fún Memounatou pé, "Ìyá, ẹ la ẹnu. Kò ní dùn yín." Obìnrin náà la ẹnu, ó húkọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí òyìnbó wá jẹ iyán kó tó lọ.

Nígbà tí ọyẹ́ mìíràn fẹ́ wọlé, ìwé àwọn dókítà dé láti Faransé, iṣẹ́ òyìnbó náà sì wà nínú rẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì nínú iṣẹ́ náà, wọ́n ti kó o jọ sókè ojú ìwé, ìpínrọ̀ kan péré. Dókítà tẹ ìka mọ́ ọn. Ó ní, "Bonaventure, fi èyí sí èdè àwọn èèyàn rẹ. Kí akéde kà á lọ́jà Bantè kí àìsàn yìí tó padà."

Inú Bonaventure dùn títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Ó mú bébà, ó gba ilé Inoussa lọ. Télọ̀ ni Inoussa, ọmọ Bantè ni, ó ń ránṣọ ní Savalou. Bí Bonaventure ṣe ń ṣe nìyẹn: ọ̀rọ̀ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, á kọ́kọ́ sọ ọ́ fún Inoussa àti àwọn tó wá wọn aṣọ. Bí wọ́n bá sọ ọ́ padà bó ṣe yẹ, ó jẹ́ ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, ó pa á rẹ́.

"Àwọn dókítà ní àìsàn náà kì í mú èèyàn lójú ẹsẹ̀," ó ní. "Kòkòrò á ti wọlé, á sinmi ná. Kí la máa pe ìyẹn?"

"Bí adìẹ tó wà lórí ẹyin," obìnrin kan dáhùn.

"Ìsàba! Ìyá, ẹ ṣeun. Àkókò ìsàba."

Omi wẹ́wẹ́ tó ń ta lẹ́nu ẹni tó bá ń húkọ́, tí kòkòrò ń bá rìn, ó pe ìyẹn ní ìrì ẹnu. Gbogbo wọn gbà. Wàhálà dé nígbà tó kan ẹni tó ní kòkòrò lọ́fun tí ara rẹ̀ le koko.

"Aláìsàn alára-líle," Bonaventure ní.

Inoussa dá màṣíìnì dúró. "Bí ara rẹ̀ bá le, aláìsàn kí ló tún jẹ́? Ìwọ náà, Bónà, o ti ń dàrú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bonaventure pa á rẹ́. Ó ronú, ó rí àwọn tó ń ru ẹrù obì ní ẹnu ọ̀nà Memounatou, tí wọn ò mọ ohun tó wà lábẹ́ ewé. "Arẹrù-àìmọ̀," ó ní. "Ó ń ru ú, kò mọ̀."

Inoussa sọ ọ́ padà lẹ́ẹ̀mejì, ó mi orí. "Ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n lọ́jà, wọ́n máa bi akéde pé bíi ta ni? Ọmọ ilé wo? O mọ àwọn ará ilé wa, ọ̀rọ̀ tí ò bá ní ilé, wọn kì í gbé e délé."

Òótọ́ ni. Ìpínrọ̀ Faransé náà sì fúnni ní àpẹẹrẹ kan: obìnrin kan tó ń gba àwọn oníṣòwò sílé, tí kòkòrò wà lọ́fun rẹ̀, tí kò ṣàìsàn rí. Kò sí orúkọ, kò sí ìlú. Ní Faransé, ẹni tó bá kà á kò lè mọ̀ ọ́n títí ayé. Bonaventure, tó mọ ẹni tó jẹ́, fi etí títì kún un, ó fi obì kún un, ó fi Bantè kún un. Ó ní kó lè yé wọn ni. Ó sì yé wọn.

Ó ku gbólóhùn tó kẹ́yìn. Ìyẹn ló ní arẹrù-àìmọ̀ kì í ṣe aláìsàn, pé nínú ilé tí èèyàn pọ̀ sí, ẹnikẹ́ni lè di ọ̀kan, pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí oṣù mélòó kan, kòkòrò náà sábà máa ń kúrò fúnra rẹ̀. Bonaventure fẹ́ orúkọ fún kíkúrò yẹn. Ó gbé eléyìí wò, ó gbé tọ̀hún, kò rí.

"Ṣé o ò lè wí i bẹ́ẹ̀?" Inoussa ní. "Sọ pé ó máa ń lọ. Ó parí."

"Àlàyé nìyẹn. Mo fẹ́ orúkọ. Ìsàba ní orúkọ, ìrì ẹnu ní orúkọ, èyí náà gbọ́dọ̀ ní."

Nígbà tó padà sílé ìwòsàn, awakọ̀ tó máa gbé bébà lọ sí Bantè ti ń fun fèrè níta. Bonaventure tẹ ìwé náà láìsí gbólóhùn yẹn. Ó ní bó bá di ọjọ́ ọjà mìíràn, òun á fi ránṣẹ́. Dókítà tí ò mọ Yorùbá lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Akéde kà á, ohùn rẹ̀ rinlẹ̀, gbogbo ọjà gbọ́ pé kí wọ́n ṣí fèrèsé sùn, kí wọ́n má há mọ́ yàrá kan, kí wọ́n sì tètè gbé ẹni tí ọrùn rẹ̀ bá le wá fún oògùn. Wọ́n gbọ́ ìyẹn. Wọ́n sì gbọ́ pé arẹrù-àìmọ̀ wà, ilé rẹ̀ sì nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Àwọn ọmọdé fi ń ṣeré. Kí ọyẹ́ tó mú dáadáa, àwọn ẹlẹ́rù obì ti ń kọjá níwájú ilé Memounatou láìdúró, wọ́n ń lọ já ẹrù sí Gouka. Ní mọ́ṣálááṣí, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á rọra sún. Yàrá tí wọ́n ti ń sùn lórí ara wọn tẹ́lẹ̀, ewúrẹ́ ló ń sùn síbẹ̀. Èyí ló gbé Bilkissou wá sí Savalou tó fi wá ja ìjà abẹ́ máńgòrò.

Bonaventure gba kámíọ̀ lọ sí Bantè lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀. Lójú ọ̀nà, níbi tí wọ́n ti sọ̀ láti ti kámíọ̀ gòkè, obìnrin kan ń bẹ ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Bá mi sọrù." Ó gbọ́ ọ, ó dúró gbagidi. Ìsọrù! Ẹni tó ń ru ú, á sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Gbogbo ìgbà ni ọ̀rọ̀ tó ń wá ti wà níbẹ̀, lẹ́nu àwọn èèyàn. Ó wù ú kó bú sẹ́kún.

Memounatou ń gbálẹ̀ nígbà tó dé. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí erùpẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun rẹ̀.

"Dìde, aṣọ rẹ," obìnrin náà ní. "O ti jẹun?"

"Ìyá, ẹ dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti kà á. Ìwọ lo wá tọrọ ìdáríjì, àwọn tó ń kọjá lọ sí Gouka ò tọrọ. Ṣé òótọ́ ni pé ó ṣì wà lọ́fun mi?"

"Ó ti ju ọdún kan lọ, Ìyá. Yóò ti lọ. Ìwé náà sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mi ò kọ ọ́ sí bébà."

Memounatou fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀. "Nígbà náà, ibi tí wọ́n ti ka ìdajì, ibẹ̀ ni kóo ti ka ìdajì tó kù. Mi ò fẹ́ nǹkan míì. Má ra aṣọ fún mi."

Ó ṣèlérí. Ó sì tẹ̀ ẹ́: ìsọrù, gbólóhùn tó dán bí ẹyin. Ṣùgbọ́n dókítà ti relé, ẹni tó rọ́pò rẹ̀ kò sì lu òǹtẹ̀, ó ní ọyẹ́ ti tán, kí wọ́n má fi bébà ṣòfò. Akéde ní òun kì í ké ohun tí ò ní òǹtẹ̀. Bonaventure bá gun àpótí lọ́jà Bantè fúnra rẹ̀, ó ṣí ẹnu.

"Ẹ wá gbọ́!" ọkùnrin kan kígbe láti ìdí ẹran. "Ọmọ tó jẹ iyán rẹ̀ ń gbèjà rẹ̀! Níbo ni òǹtẹ̀ dà?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ògbufọ̀ tó ń gbé Faransé lójú òfuurufú ká bébà rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí láìka gbólóhùn náà tán.

Títí di báyìí, bí kámíọ̀ bá ti Bantè dé, awakọ̀ á dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, á na ọrùn síta. "Bónà! Ìyá ní kí n kí ọ. Wọ́n ní ṣé o ti rí òǹtẹ̀?"

"Sọ fún wọn pé mò ń wá a."

"Wọ́n ní àwọn ṣì ń gbálẹ̀ de àlejò."