Opó Kan Nínú Igba Ọ̀rọ̀

Lucas Oyèkànmí gbọ́n, ṣùgbọ́n kò mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ní ṣókí. Ẹni tí kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Olùkọ́ ìmọ̀ Bíbélì ni, ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà kan l'Ókìtìpupa. Láti ìgbà tí Agatha aya rẹ̀ ti kú, á ro púpurú fúnra rẹ̀, á dá a jẹ, á wá jókòó ti ìwádìí tó ń ṣe lórí bí àwọn àgbà Ìkálẹ̀ ṣe di onígbàgbọ́.

Lọ́dún 1971, àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn fẹ́ ṣe àpérò n'Íbàdàn. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ fi àkótán iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́: ohun tó ń jiyàn lé lórí, bó ṣe ṣèwádìí, àti ohun tó rí. Kò gbọdọ̀ ju igba ọ̀rọ̀ lọ. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. Odindi ojú ìwé mẹ́ta ni Lucas kọ. Ó sì wù ú láti lọ gan-an, torí ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi í léèrè ohun tó ń rò.

Ó gé ìtàn àwọn míṣọ́nnárì kúrò, ó gé ọpẹ́. Ibi bó ṣe ṣèwádìí ló ti há. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló láyè fún un, ó sì kọ òótọ́: àwọn àgbà sọ ìtàn wọn nínú ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn ìsìn, níwájú àwọn alàgbà. Ó ka ohun tó kọ, ó sì tún un kà. Abájọ tí gbogbo ìtàn náà fi jọra: òkùnkùn, àìsàn, àlá, ìmọ́lẹ̀. Ẹ̀rí ni wọ́n ń jẹ́ fún ìjọ. Ta ni yóò dúró níwájú alàgbà, kó ní oúnjẹ ọjọ́ ìkórè ló fa òun wọlé?

Nínú àwọn àgbà náà, ìyá kan tó ń jẹ́ Leah, n'Ígbótako, nìkan ló sọ tirẹ̀ nílé, níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́. Ọkọ rẹ̀ kú láìbímọ, ni gbogbo àdúgbò bá ń pè é ní opó. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, olórí kíláàsì tó ń bójú tó àwọn ọmọ ìjọ máa ń fi orúkọ pe olúkúlùkù. Torí ìyẹn ló ṣe ṣèrìbọmi. Lucas ti gbé ìtàn náà tì, torí kò bá ti àwọn yòókù mu.

Ó tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ó jiyàn pé ibi tí a ti sọ ìtàn ìyípadà ló ń tún un gbẹ́. Ìtàn kan ò lè fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀, nítorí náà ó kọ “ó jọ pé”. Ó yọ orúkọ Leah, ó fi “opó kan” rọ́pò rẹ̀, bí àwọn onímọ̀ ṣe máa ń bo ẹni tó sọ̀tàn láṣìírí.

Ìbàdàn gbà á. Inú rẹ̀ dùn, àmọ́ kò sẹ́ni tí yóò sọ fún nílé. Ìyẹn sì dùn ún. Ó wọ mọ́tò lọ s'Ígbótako, ó túmọ̀ àkótán tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ náà fún Leah. Obìnrin náà fetí sílẹ̀ dáadáa.

“Kí ni ẹ pè mí níbẹ̀, Tíṣà?”

“Opó kan, Ìyá.”

Ó mú ọ̀bẹ, ó ń bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ.

“Ẹ kú iṣẹ́. Ohun tí wọ́n ń pè mí kí n tó ṣèrìbọmi náà nìyẹn.”