Eyín tó Fẹ́ Dí Ìyá Gọ́ọ̀nù Lọ́nà Ọ̀fun

Ìyá Gọ́ọ̀nù ti ń rán aṣọ ìyàwó nígbà tí Tẹ́ẹ́rẹ́ ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Òun ló kọ́ ọ níṣẹ́ nínú yàrá olófèrèsé ńlá tó kọjú sí títì. Tẹ́ẹ́rẹ́ yìí, aya àbúrò ọkọ rẹ̀ ni, ṣé ẹ wá rí i pé kò ṣeé lé lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú wọlé pé "Tẹ́ẹ́rẹ́ dà?" kí wọ́n tó kí àgbà, owú bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìyáálé bí ikán ṣe ń jẹ igi.

Àní ọkọ rẹ̀ pàápàá sọ lọ́jọ́ kan pé ihò bọ́tìnnì tí Tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe gún régé. Ìyá Gọ́ọ̀nù ò bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Aṣọ ìyàwó funfun kan wà lórí tábìlì nígbà tí akokoro mú Ìyá Gọ́ọ̀nù. Eyín ẹ̀yìn nísàlẹ̀ ni, èyí tó ti lu ihò tipẹ́. Ó ki kànáfùrù bọ̀ ọ́, ó fi omi iyọ̀ fọnu, ó gbé kápúsù méjì tó ṣẹ́ kù nínú àpótí mì. Tẹ́ẹ́rẹ́ ní kó lọ rí oníṣègùn eyín, pé òun á bá a mójú tó aṣọ náà.

Ọ̀rọ̀ tó bà á jẹ́ nìyẹn. Ìyá Gọ́ọ̀nù ní, "Mo mọ̀ pé ojú rẹ wà lára aṣọ mi. Máa wò ó lọ."

Ìrora náà ṣàdédé dáwọ́ dúró. Inú rẹ̀ dùn, ó ń fọ́nnu kiri pé òun ti ṣẹ́gun eyín. Kò mọ̀ pé ọyún tó kún ìdí eyín ló ti rí ọ̀nà jáde, kò jáde sínú ẹnu, inú ẹran ọrùn ló ń sọ̀ kalẹ̀ sí. Ilẹ̀ mọ́, ibà ń gbọ̀n ọ́n, abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ sì wú. Ó fi gèlè wé ọrùn, ó wá síbi iṣẹ́, torí ọjọ́ náà ni ìyàwó ń bọ̀ wá wọ aṣọ wò.

Ẹ mọ bí àwọn aránṣọ ṣe ń há píìnì sí ètè tí wọ́n bá ń fi píìnì mú aṣọ mọ́ èèyàn lára. Ìyá Gọ́ọ̀nù kúnlẹ̀ nídìí ìyàwó, ó fẹ́ há píìnì, ẹnu ò là. Ó fi tipátipá ki mẹ́ta bọ̀ ọ́, gbogbo rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, itọ́ sì tẹ̀lé e, ó ń ṣàn lọ sórí aṣọ funfun. Kò lè gbé e mì. Ó fẹ́ bẹ ìyàwó, ohùn rẹ̀ wá ń jáde bíi ti ẹni tí wọ́n fi òwú dí lẹ́nu.

Tẹ́ẹ́rẹ́ dìde, ó tú gèlè náà. Ọrùn ti bá àgbọ̀n dọ́gba, ó pọ́n, ó le bíi pákó. Abẹ́ ahọ́n ti wú, ó ti ahọ́n sókè dí ẹnu. Ìyàwó ní kí wọ́n tẹ́ ẹ sórí àga gígùn. Ìyá Gọ́ọ̀nù gbìyànjú, èémí há, ó fò jókòó, ó tẹ̀ síwájú, ó ń mí pẹ̀lú ariwo.

Síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò létí aṣọ tó wà lára ìyàwó. Tẹ́ẹ́rẹ́ ká àwọn ìka rẹ̀ kúrò níkọ̀ọ̀kan.

"Ìyáálé mi, ẹ bú mi tó bá yá. Ẹ dìde."

Takisí ló gbé wọn dé ilé ìwòsàn ńlá, Ìyá Gọ́ọ̀nù jókòó nàró títí wọ́n fi débẹ̀. Dókítà wo ọrùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n gba imú fi rọ́bà sí ọ̀nà èémí, wọ́n fa oògùn sí iṣan, wọ́n la abẹ́ àgbọ̀n kí ọyún lè jáde, wọ́n sì yọ eyín náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni dókítà sọ fún ọkọ Ìyá Gọ́ọ̀nù pé bí eyín bá mú kí ojú tàbí ọrùn wú, tí ara gbóná, tí ẹnu ò là, tí itọ́ ò ṣeé gbé mì, tí ohùn yí padà tàbí tí èémí le, kí wọ́n má dúró ti kànáfùrù, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Ó ní bó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, ọ̀nà èémí ì bá dí pátápátá.

Lẹ́yìn tí wọ́n yọ rọ́bà náà, Tẹ́ẹ́rẹ́ wá kí i. Ó ti fọ itọ́ kúrò, ó ti parí aṣọ, ìyàwó ti gbé e lọ.

"Wọ́n yìn ọ́?" ni Ìyá Gọ́ọ̀nù fi ohùn tó há béèrè.

"Wọ́n yìn mí, mà."

Owú gún un ju abẹ tó là á lọ. "Báwo lo ṣe ṣe etí ìsàlẹ̀ aṣọ náà?"

"Máṣìnnì ni mo fi ká a."

"Ọwọ́ ni èmi ì bá fi ká a."

"Òkú kì í fọwọ́ ká aṣọ, ìyáálé mi."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Ìyá Gọ́ọ̀nù, ó di ọrùn mú nítorí ojú ọgbẹ́.

Ó ní, "Lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Máṣìnnì tèmi ni kí o máa lò. Tìrẹ ń já òwú, ó máa bà mí lórúkọ jẹ́."